Owó Ọkọ̀ láti Gánmọ

Àpínkẹ́ Ọláìyá mọ ìṣirò. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n, ní ilé ìwé ìjọ tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe tíṣà ní Èsìẹ́, àlejò kan kì í sì í jókòó pẹ́ ní ilé wọn kí ìyá rẹ̀ tó sọ ọ́ fún un. Bí wọ́n bá kórè iṣu tán, Àpínkẹ́ ni yóò pín in sí ti jíjẹ, ti títà àti ti gbígbìn, kò sì sí ọdún tí èyí tó yà sọ́tọ̀ fún gbígbìn kò tó. Nítorí náà, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ pólì wọn ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lọ fi oṣù mẹ́rin kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní àìtí, ẹ̀rù kò ba bàbá rẹ̀. Ó sìn ín dé gáréèjì Òmù-Àrán, ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lé e lọ́wọ́, ó ní, "Owó tó kù nílé nìyí o, Àpínkẹ́. Ìlú ẹlòmíràn lò ń lọ. Pín in dáadáa."

"Ẹ má fòyà, Bàbá. Kò ní í parẹ́ sọ́nà."

Ìlọrin ló ń lọ. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe omi àti ohun mímu inú ìgò ló gbà á sí láàbù wọn, pé kí ó máa yẹ omi wò, wọn yóò sì máa fún un ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lóṣù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, Suwebat, ọmọ Òkè-Ọdẹ, òun náà rí àyè ní láàbù ilé ìwòsàn aládàáni kan ní ìlú kan náà. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn yẹn kì í san nǹkan kan fún ọmọ àìtí. Wọ́n ní kí ó dúpẹ́ pé àwọn gbà á. Ìyá Suwebat, tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Òkè-Ọdẹ, ló ṣèlérí pé òun yóò máa wá ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lóṣooṣù. Ó sì ti fún un ní ti oṣù méjì àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lóòótọ́, ìjọba náà ní owó kan tó máa ń fún àwọn ọmọ àìtí, ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ lóṣù, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ìgbà tí àìtí bá ti parí tán, tí ènìyàn ti gbàgbé ebi tó pa á, lowó yẹn tó máa ń dé?

Àwọn méjèèjì pinnu láti jọ gba yàrá kan. Ọjọ́ tí wọ́n dé ìlú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Wọ́n rí yàrá kan ní ìtòsí Ọ́fà Gáréèjì, kò ju ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tí Suwebat yóò ti máa ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ni lóṣù, onílé sì ní òun kò gba owó tó dín ní oṣù mẹ́fà, ì báà jẹ́ oṣù mẹ́rin ni wọn yóò lò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápapọ̀.

Wọ́n tún rí èkejì ní Gánmọ, lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Alájà Jàrátù ló ni ilé náà, opó ni, obìnrin jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn kí ariwo ọmọ ènìyàn wà lágbàlá òun. Ẹgbẹ̀fà náírà péré lóṣù, ó sì ní bí ó bá wù wọ́n, kí wọ́n máa san án lóṣooṣù.

"Ọ́fà Gáréèjì ló dára," ni Suwebat wí. Wọ́n jókòó sórí pèpéle níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ń fi omi tútù gbé búrẹ́dì mì. "Owó ọwọ́ wa tó o bí a bá pa á pọ̀. Yóò ṣẹ́ kù díẹ̀. Ìyá mi á fi èlùbọ́ àti ẹ̀wà ránṣẹ́, ebi kò ní í pa wá."

Àpínkẹ́ mi orí. "Ká kó gbogbo owó wa lé onílé lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Bí àìsàn bá dé ńkọ́? Gánmọ la ó lọ. Ẹgbẹ̀ta náírà ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù."

"Owó ọkọ̀ mi ńkọ́?"

"Èló ni? Àádọ́ta náírà àlọ, àádọ́ta àbọ̀. O ó gbé e."

Suwebat ka ìka rẹ̀ díẹ̀. Kíláàsì tí Àpínkẹ́ ti ń gba ipò kìíní nínú ìṣirò lòun náà wà. Ó ní, "Ó dáa, bí o bá ti wí bẹ́ẹ̀."

Ohun tí Àpínkẹ́ kò sọ jáde ni pé bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ máa ń gba ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́ kọjá láràárọ̀, ó máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ní Gánmọ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì máa ń já wọn sílẹ̀ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti sọ èyí fún un lọ́jọ́ tó lọ gba ìwé ìgbaniwọlé. Bọ́ọ̀sì kan náà ń dúró ní Ọ́fà Gáréèjì. Nítorí náà, níbikíbi tí wọ́n bá gbé, Àpínkẹ́ kò ní í san kọ́bọ̀ owó ọkọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ fún un ni ẹgbẹ̀ta lé àádọ́ta náírà lóṣù, èyí tí yàrá Gánmọ fi dínwó sí ti ìgboro. Ó ti rí ibi tí ẹgbẹ̀ta lé àádọ́ta náà yóò lọ. Ó ti pinnu lọ́kàn pé òun yóò fi ọwọ́ ara òun san owó ilé ìwé ọdún kejì, kí bàbá òun má baà tún lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Èrò ọmọ gidi ni. Kò sí ibi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ nìkan ló ti wo ọ̀rọ̀ náà.

Oṣù kìíní lọ dáadáa. Suwebat ṣe ètò owó rẹ̀ bí ẹni tó ń so ẹrù sórí kẹ̀kẹ́: ẹgbẹ̀ta fún yàrá, ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba fún ọkọ̀, ẹgbẹ̀rún kan fún oúnjẹ tí àwọn méjèèjì jọ ń dá. Igba náírà ló ń ṣẹ́ kù, òun ló sì fi ń ra ọṣẹ àti káàdì fóònù láti fi pe ìyá rẹ̀. Wọ́n jọ ń sebẹ̀ lórí sítóòfù kan ní ẹ̀yìn ilé. Bí Suwebat bá dé, á máa sọ̀rọ̀ láàbù títí ẹ̀wà yóò fi jinná: bí wọ́n ṣe kọ́ òun láti gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ ọwọ́ tí ọmọ náà kò fi ké, bí òun ṣe fi ojú ara òun rí kòkòrò ibà nínú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Inú rẹ̀ a máa dùn débi pé á gbàgbé láti fi iyọ̀ sí ọbẹ̀.

"Èmi omi ni mò ń wò látàárọ̀," Àpínkẹ́ a wí, "kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

"Kó má ṣáà sí nǹkan kan nínú rẹ̀ o! Ìgò tiyín la ń mu ní láàbù wa."

Wọn á jọ rẹ́rìn-ín. Alájà Jàrátù á gbọ́ wọn láti inú yàrá rẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín kí èmi náà jẹ níbẹ̀."

Báyìí ni wọ́n wà títí tí ọdún fi fẹ́ yí. Kálukú lọ sílé fún ọdún Kérésì, wọ́n sì gbà pé ọjọ́ kejì oṣù tuntun làwọn yóò padà. Ọjọ́ kìíní ọdún gan-an ni ìjọba kéde pé wọ́n ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù. Epo tó jẹ́ náírà márùn-dín-láàádọ́rin lálẹ́ àná di ogóje ó lé lówùúrọ̀. Gbogbo ìlú gbóná. Òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, ọkọ̀ kò rìn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì jókòó sílé ní Gánmọ, wọ́n ń jẹ gàárì, wọ́n ń gbọ́ rédíò Alájà. Nígbà tí ìjọba rọ̀ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀ tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ padà, epo kò padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Owó ọkọ̀ náà kò sì padà. Láti Gánmọ wọ ìgboro di ọgọ́rin náírà, láàárọ̀, lálẹ́.

Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ṣì ń gbé Àpínkẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Suwebat jókòó sórí ẹní nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi bíróò kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́. Owó ọkọ̀ nìkan ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀. Bí a bá fi ẹgbẹ̀ta owó yàrá lé e, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tí ìyá rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ kò tó mọ́, kò tíì jẹun. Ìyá rẹ̀ kò sì lè fi kún un. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó èlùbọ́ láti Òkè-Ọdẹ lọ sí ọjà mìíràn ti gbówó lórí bákan náà, àwọn oníbàárà kò sì fẹ́ gbọ́.

"Àpínkẹ́," ó wí, kò gbé ojú sókè. "Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún nǹkan kan. Oṣù yìí àti èyí tó ń bọ̀, n kò ní í lè mú owó oúnjẹ wá. Jẹ́ ká máa fi tìrẹ jẹun ná. Bí owó ìjọba bá dé, màá dá gbogbo rẹ̀ padà fún ọ."

Àpínkẹ́ ń pa aṣọ láàbù rẹ̀ pọ̀. Nínú àpò ẹrù rẹ̀, lábẹ́ aṣọ ìsinmi, owó wà níbẹ̀ tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: èyí tó kù nínú ti bàbá rẹ̀ àti èyí tó ti ń fi pamọ́ lóṣooṣù. Ó mọ̀ ọ́n. Ọkàn rẹ̀ sáré lọ sí ibẹ̀, ó sáré padà. Owó ilé ìwé ni. Bí ó bá yọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò yọ lẹ́ẹ̀kejì. Owó ìjọba sì lè má dé títí ọdún yóò fi parí.

"Suwebat, èmi náà kò ní lọ́wọ́," ó wí. "Oṣù tí à ń sọ yìí, ó le fún èmi náà. Kálukú ní ìṣirò tirẹ̀."

Suwebat nu bíróò kúrò ní àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa," bó ṣe wí lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó sórí pèpéle.

Láti ọjọ́ náà lọ, ìkòkò di méjì. Suwebat kì í jẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á fi ẹsẹ̀ rìn gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ títí tí yóò fi dé ibi tí àwọn awakọ̀ ti ń gba ogójì náírà, ibẹ̀ ni yóò ti wọkọ̀. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ padà nírọ̀lẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ á bá a lọ́nà, á kọjá lára rẹ̀. Àpínkẹ́ á rí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ojú fèrèsé, híjáàbù búlúù, báàgì tó gbé kọ́ èjìká. Ó bi awakọ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá ó lè gbé ọ̀rẹ́ òun. Awakọ̀ ní kò sí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ wọ bọ́ọ̀sì náà, pé òun kò fẹ́ kí wọ́n dá òun dúró. Àpínkẹ́ kò bi í mọ́. Ó gbé ojú kúrò lójú fèrèsé.

Ìrìn ẹsẹ̀ kò ṣeé fi bá aago ṣeré. Suwebat pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó pẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gá láàbù wọn, ọkùnrin kan tí kì í gba àwáwí, ní aláìsàn tí wọ́n ní kó wá láìjẹun láàárọ̀ kò lè máa dúró de ọmọ àìtí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kejì ọdún, òòyì kọ́ Suwebat bó ṣe ń gbé àwo ìgò ẹ̀jẹ̀ láti yàrá kan sí èkejì. Ìgò mẹ́ta ló fọ́. Kì í ṣe àìsàn, ebi ni. Ọ̀gá náà kò bi í léèrè ohun tó jẹ. Ó ní kó máa lọ, pé òun kò ní í buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ló kó ẹrù. Àpínkẹ́ ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé nígbà tó rí i tó ń di ẹní.

"Ṣé o fẹ́ lọ fún òpin ọ̀sẹ̀ ni?"

"Mo ń lọ sílé ni." Ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ohùn rẹ̀ balẹ̀, bí ẹni tó ń ròyìn ẹlòmíràn.

Ọwọ́ Àpínkẹ́ dúró nínú omi ọṣẹ. "Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré! Suwebat, o kò ṣe jẹ́ ká lọ bẹ ọ̀gá yẹn? Jẹ́ kí Alájà bá wa lọ."

"Bí wọ́n bá gbà, kí ni màá fi wọkọ̀?"

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí Àpínkẹ́ ti sọ ọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé owó wà, yóò ní láti sọ pé ó ti wà láti ìgbà yẹn, pé irọ́ lòun pa. Ìtìjú náà wúwo ju owó lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ.

Suwebat ka ẹgbẹ̀ta náírà, owó yàrá oṣù náà, ó fi lé Alájà Jàrátù lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Alájà kò fẹ́ gbà á. Suwebat fi dandan gbé e lé e lọ́wọ́. Alájà sìn ín dé títì, ó ń ṣàdúà fún un. Àpínkẹ́ gbé ẹrù kan lẹ́yìn wọn. Nígbà tí ọkọ̀ Àjàṣẹ́ dúró, Suwebat dì mọ́ ọn díẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀," ó wọlé. Kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n padà, Alájà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Àpínkẹ́, ọmọ yìí kò wí fún mi pé ebi ń pa òun. Ṣé ìwọ mọ̀?"

"Alájà, n kò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀."

"Hẹ̀n," ni Alájà wí, ó sì wọlé lọ.

Olùkọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ rán láti wá wo àwọn ọmọ àìtí dé ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Ó bá Àpínkẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó yìn ín. Ó dé ilé ìwòsàn yẹn, kò bá Suwebat. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò parí, pé yóò ní láti bá àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó lè gba ìwé ẹ̀rí. Àpínkẹ́ san owó ilé ìwé ọdún kejì fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bàbá rẹ̀ sì sunkún ayọ̀ nínú ìjọ. Ó dúpẹ́ níwájú àwọn ènìyàn, ó ní Ọlọ́run fún òun ní ọmọ tó mọ owó ná. Ìjọ ṣe àmín. Àpínkẹ́ dorí kodò lórí bẹ́ǹṣì, àwọn ènìyàn rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ó pe Suwebat lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ní nọ́ńbà náà kò sí mọ́. Ó wí fún ara rẹ̀ pé òun yóò lọ sí Òkè-Ọdẹ bí ìsinmi bá dé. Ìsinmi dé, òjò ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ọ̀nà Òkè-Ọdẹ ti bàjẹ́. Ó fi ìyẹn ṣe àwáwí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó rí àwáwí mìíràn.

Ọdún bí méje kọjá. Àpínkẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé ìwòsàn kan ní Òmù-Àrán, ó ti lọ́kọ. Wọ́n ní kí òun àti àwọn mélòó kan lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún wò ní Òkè-Ọdẹ, ọjọ́ náà sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó bèèrè ìsọ̀ Ìyá Suwebat elélùbọ́. Suwebat fúnra rẹ̀ ló bá níbẹ̀, ìyẹ̀fun funfun lápá, ọmọ kan sùn sẹ́yìn rẹ̀.

"Àpínkẹ́!" Suwebat dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró. Inú rẹ̀ dùn, kì í ṣe ojú ayé. Ó wá àpótí fún un. Ó ní ó ti rẹ Màmá òun, òun ló ń ta ọjà báyìí. Òun kò tún àìtí ṣe. Lọ́dún tó yẹ kí òun tún un ṣe, àbúrò òun wọ ilé ìwé girama. Lọ́dún kejì, òun lọ́kọ.

Àpínkẹ́ tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣí báàgì, ó mú owó tó ti dì sínú àpò ìwé kan wá. "Suwebat, gba èyí lọ́wọ́ mi. Jọ̀wọ́. Lọ́jọ́ yẹn tí o bẹ̀ mí, irọ́ ni mo pa. Mo ní owó."

"Mo mọ̀," ni Suwebat wí.

"O mọ̀?"

"O rán mi pé kí n mú abẹ́rẹ́ nínú báàgì rẹ, ṣé o rántí? Kí ọdún tó yí. Mo rí i níbẹ̀." Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ èlùbọ́ inú igbá dọ́gba. "Mo ti mọ̀ kí n tó bẹ̀ ọ́. Bí o bá sọ pé owó ilé ìwé ni, pé o kò lè yọ ọ́, ǹ bá ti lóye. Èmi náà ń wá owó ilé ìwé."

Àpò ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ Àpínkẹ́.

"Fi owó rẹ sínú báàgì, àwọn ènìyàn ń wò wá," Suwebat wí pẹ̀lẹ́. "Inú kò bí mi mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi í sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ ra èlùbọ́, mo lè tà á fún ọ."

Àpínkẹ́ ní òun yóò ra. Suwebat wọ̀n ọ́n fún un, ó gba iye tó ń gbà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ó sì bu ẹ̀ní sí i, ẹ̀kúnwọ́ méjì ńlá. Bó ṣe ń so ẹnu ọ̀rá náà, ó bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní láàbù nísinsìnyí.

"Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Ṣé ojú lẹ ṣì fi ń kà á nínú awò? Ìyẹn ló máa ń wù mí jù. N kì í ṣì í kà."

"Rárá," ni Àpínkẹ́ dáhùn. "Ẹ̀rọ kan ti wà tó ń kà á fúnra rẹ̀."

"Ẹ̀rọ?" Suwebat rẹ́rìn-ín, ó gbọn orí. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó yí padà, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Oníbàárà kan dé, ó ń bèèrè iye tí kóńgò kan jẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Àpínkẹ́ ti ń fọn fèrè ọkọ̀ lójú títì.